Ibi tí Gínì àti ẹ́ńtírọ́pì ti yapa: àkọsílẹ̀ igi ìpinnu kan lórí èrò ọkọ̀ Títáníìkì

Fáìlì kan wà tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ dátà ti fọwọ́ kàn rí. `train.csv` lorúkọ rẹ̀, orí Kaggle ló wà, èrò 891 ló sì wà nínú rẹ̀ lára àwọn tó wọ Títáníìkì, ọkọ̀ ojú omi tó rì ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 1912. Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ kò sí níbẹ̀, èrò nìkan ni. Nínú 891 yìí, 342 yè, 549 kú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò pọ̀. Igi ìpinnu jẹ́ ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi ìbéèrè kan tẹ̀ lé òmíràn pín èèyàn sí agbo-agbo, kó tó sọ ẹni tó yè àti ẹni tó kú. Wọ́n fún un ní fáìlì yìí lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú kọ́lọ́ọ̀mù mẹ́ta péré: ọkùnrin tàbí obìnrin, kíláàsì tó wọ̀, àti ọjọ́ orí. Kò sí ohun tó yàtọ̀ àfi òṣùwọ̀n: Gínì ni igi àkọ́kọ́ lò, ẹ́ńtírọ́pì ni èkejì lò.

```python
import pandas as pd
from sklearn.tree import DecisionTreeClassifier, export_text

d = pd.read_csv("train.csv")
d["Sex"] = (d["Sex"] == "female").astype(int)
d["Age"] = d["Age"].fillna(28)
X = d[["Sex", "Pclass", "Age"]]
for c in ["gini", "entropy"]:
    t = DecisionTreeClassifier(criterion=c, max_depth=2)
    t.fit(X, d["Survived"])
    print(export_text(t, feature_names=list(X.columns)))
```

Igi méjèèjì bèèrè ohun kan náà ní ìdí igi: ṣé obìnrin ni? Wọ́n tún bèèrè ohun kan náà lọ́dọ̀ àwọn obìnrin: ṣé kíláàsì kẹta ló wà? Àfi nígbà tó kan àwọn ọkùnrin. Igi Gínì bèèrè bóyá ọmọ náà kò tíì ju ọdún 6 lọ (`Age <= 6.50`). Igi ẹ́ńtírọ́pì bèèrè bóyá kíláàsì kìíní ló wà (`Pclass <= 1.50`). Àwọn tó ń kọ́ni níṣẹ́ yìí sábà máa ń sọ pé èyíkéyìí tó bá wù ọ́ nínú méjèèjì ni kí o mú, pé ibì kan náà ni wọ́n ń lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà bẹ́ẹ̀ ni. Ibí yìí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, a sì lè fi bírò àti bébà rí ìdí rẹ̀.

Ká kọ́kọ́ mọ ohun tí òṣùwọ̀n méjèèjì ń wọ̀n. Gbogbo oríta nínú igi jẹ́ agbo èèyàn kan. Bí gbogbo wọn bá yè, tàbí bí gbogbo wọn bá kú, agbo náà mọ́, kò sí ohun tó kù láti bèèrè. Bí ẹni tó yè àti ẹni tó kú bá wà pọ̀, àdàlù ni, bí ẹ̀wà àti àgbàdo nínú ìkòkò kan. Iṣẹ́ igi ni kó wá ìbéèrè kan tí yóò pín ìkòkò náà sí méjì, kí àdàlù tó wà nínú méjèèjì lápapọ̀ lè dín kù ju ti ìkòkò àkọ́kọ́ lọ.

Gínì ń wọn àdàlù báyìí: di ojú rẹ, mú ẹnì kan nínú agbo, dá a padà, kí o sì tún mú ẹnì kan. Báwo ló ṣe ṣeé ṣe tó kí ọ̀kan jẹ́ ẹni tó yè, kí ọ̀kan jẹ́ ẹni tó kú? Nọ́ńbà yẹn gan-an ni Gínì. Bí ìdá àwọn tó yè bá jẹ́ p, tí ìdá àwọn tó kú sì jẹ́ q, `1 - p*p - q*q` ni, èyí tó dọ́gba pẹ̀lú `2*p*q` nígbà tí ìdáhùn bá jẹ́ méjì péré. Agbo tó mọ́ ń gba 0, agbo tí ó jẹ́ ìdajì-ìdajì ń gba 0.5. Ẹ́ńtírọ́pì ní tirẹ̀ ń wọn bí ìdáhùn ṣe fara sin tó: tí wọ́n bá fa ọ̀pọ̀ èèyàn yọ nínú agbo, tí o sì ń bèèrè nípa wọn lápapọ̀, ìbéèrè bẹ́ẹ̀-ni-tàbí-bẹ́ẹ̀-kọ́ mélòó ló máa ná ọ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ní ìṣirò àárín, kí o tó mọ àwọn tó yè? `-p*log2(p) - q*log2(q)` ni ìṣirò rẹ̀. Òun náà ń bẹ̀rẹ̀ láti 0, ṣùgbọ́n 1 ni òkè rẹ̀.

Corrado Gini, onímọ̀ ìṣirò ará Ítálì, ló ni orúkọ àkọ́kọ́ yẹn. Ọdún 1912 tí ọkọ̀ rì ni ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde, kòńgẹ́ lásán ni. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi pọ̀ mọ́ Gínì tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé fi ń wọn àìdọ́gba owó tó ń wọlé fún ará ìlú. Orúkọ ló pa wọ́n pọ̀, ìṣirò wọn yàtọ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní CART, tí Breiman àti àwọn mẹ́ta mìíràn gbé jáde ní 1984, ló mú Gínì wọ inú igi. Ẹ́ńtírọ́pì wá láti ọwọ́ Shannon ní 1948, Ross Quinlan ló sì fi kọ́ igi tirẹ̀, ID3 (1986) àti C4.5 (1993).

Ní ìdí igi, p jẹ́ 342/891, ìyẹn 0.384, q sì jẹ́ 0.616. Gínì jẹ́ 0.473, ẹ́ńtírọ́pì jẹ́ 0.961. Àdàlù náà pọ̀ gan-an, ó ku díẹ̀ kó kan òkè nínú òṣùwọ̀n méjèèjì.

Igi ń dán ìbéèrè kọ̀ọ̀kan wò. Ká mú ti ọkùnrin àti obìnrin. Obìnrin jẹ́ 314, 233 nínú wọn yè, 81 kú: Gínì 0.383. Ọkùnrin jẹ́ 577, 109 péré ló yè, 468 kú: Gínì 0.306. Igi kò kàn ní sọ nọ́ńbà méjèèjì pọ̀ kó fi 2 pín in. Agbo tó tóbi ní láti wúwo ju èyí tó kéré lọ. Nítorí náà a ó sọ 0.383 di púpọ̀ pẹ̀lú 314/891, a ó sọ 0.306 di púpọ̀ pẹ̀lú 577/891, a ó wá ro wọ́n pọ̀: 0.333. Àdàlù ti lọ sílẹ̀ láti 0.473 sí 0.333, èrè ìbéèrè yẹn jẹ́ 0.140. Tí a bá fi ẹ́ńtírọ́pì ṣe é, àdàlù lọ láti 0.961 sí 0.743, èrè jẹ́ 0.218.

Ìbéèrè kíláàsì ní ààlà méjì: kíláàsì kìíní sí apá kan, tàbí kíláàsì kẹta sí apá kan. Èyí tó dára jù nínú méjèèjì ni pé kí kíláàsì kẹta dá dúró, èrè Gínì rẹ̀ jẹ́ 0.049, ti ẹ́ńtírọ́pì jẹ́ 0.076. Kò sún mọ́ ti ọkùnrin-àti-obìnrin rárá. Ti ọjọ́ orí ló gba iṣẹ́ jù: igi á to gbogbo ọjọ́ orí láti kékeré sí àgbà, á fi ààlà sí àárín gbùngbùn nọ́ńbà méjì tó tẹ̀ léra, á máa kó èèyàn láti apá ọ̀tún lọ sí apá òsì díẹ̀díẹ̀, á sì máa ṣírò èrè ní ààlà kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni 6.5 ti wá. Kò sí ọmọ ọdún mẹ́fà àti ààbọ̀ tí igi ń wá; ọmọ ọdún 6 wà nínú dátà, ọmọ ọdún 7 wà níbẹ̀, àárín wọn ló fi ààlà sí. Ẹni tó bá ń ka 6.5 yìí bíi pé nǹkan kan ń yí padà lára ọmọ ní oṣù kẹfà lẹ́yìn tó pé ọmọ ọdún mẹ́fà ti ṣì í kà.

Nígbà tí igi bá ti mú ìbéèrè tó ní èrè jù, kò ní padà sórí rẹ̀ mọ́. Kò ní ronú pé bóyá ìbéèrè tí èrè rẹ̀ kéré lónìí ni yóò ṣílẹ̀kùn èrè ńlá lọ́la. Èyí ṣe pàtàkì nígbà tí a bá dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin.

Agbo obìnrin 314 ni a wà báyìí, 233 yè, 81 kú. Ìbéèrè tí igi méjèèjì mú ni kíláàsì kẹta. Àwọn obìnrin kíláàsì kìíní jẹ́ 94, 91 yè. Ti kíláàsì kejì jẹ́ 76, 70 yè. Tí a bá kó méjèèjì pọ̀, 170 ni wọ́n, 161 yè, 9 kú. Agbo yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ tán, Gínì rẹ̀ jẹ́ 0.100. Àwọn obìnrin kíláàsì kẹta wá jẹ́ 144. Nínú wọn, 72 yè, 72 kú. Ìdajì-ìdajì geere, bíi pé ẹnì kan fi òṣùwọ̀n pín in. Gínì wọn 0.5, ẹ́ńtírọ́pì wọn 1: kò sí bí àdàlù tún ṣe lè pọ̀ jù báyìí lọ.

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ máa ń ta gìrì síbí yìí. Ṣé a kò ní àdàlù ní láti dín kù ni? Agbo tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ní 0.383, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ wá ní 0.5. Kò sí àṣìṣe kankan. Àpapọ̀ méjèèjì, lẹ́yìn tí a bá ti wọn ìwúwo wọn, ló gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀, kì í ṣe agbo kọ̀ọ̀kan. Níbí ó lọ láti 0.383 sí 0.284, èrè 0.099. Ní ẹ́ńtírọ́pì, láti 0.824 sí 0.620, èrè 0.203. Ìkòkò kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹ̀wà lásán, gbogbo wàhálà ti lọ sí ìkòkò kejì.

Oríta yìí náà ló fi hàn ìdí tí wọn kò fi ń lo òṣùwọ̀n tó rọrùn jù lọ, ìyẹn kíka àṣìṣe. Ó dà bíi pé ó bọ́gbọ́n mu: bí agbo kan bá ní 233 tó yè àti 81 tó kú, sọ pé gbogbo wọn yè, àṣìṣe rẹ jẹ́ 81. Mú ìbéèrè tó dín àṣìṣe kù jù. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ka àṣìṣe lẹ́yìn ìbéèrè kíláàsì. Agbo 170: sọ pé wọ́n yè, àṣìṣe 9. Agbo 144: èyíkéyìí tí o bá sọ, àṣìṣe 72. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 81. Kò dín ẹyọ kan. Lójú ẹni tó ń ka àṣìṣe, ìbéèrè yìí kò wúlò rárá, bẹ́ẹ̀ a sì ti ya obìnrin 170 tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ìdáhùn wọn tán sọ́tọ̀ kúrò lára 144 tí a kò mọ nǹkan kan nípa wọn. Gínì rí i, ẹ́ńtírọ́pì rí i, nítorí pé ìlà méjèèjì tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́ bí ọrun tí wọ́n fi ń ta ọfà: agbo tó súnmọ́ mímọ́ ń gba èrè kódà nígbà tí ìdáhùn tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò yí padà.

Èrè yẹn kì í ṣe ti orí bébà lásán. Fi kọ́lọ́ọ̀mù owó ọkọ̀ kún un, kí o wá bi àwọn obìnrin 144 yìí bóyá owó tíkẹ́ẹ̀tì wọn kọjá pọ́n-ùn 23.35. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n (27) ló kọjá. 24 kú, 3 yè. Àwọn 117 tó kù, 69 yè, 48 kú. Wá ka àṣìṣe báyìí: 9 láti ọ̀dọ̀ àwọn 170, 3 níbí, 48 níbẹ̀. Ó di 60. Àṣìṣe lọ láti 81 sí 81, ó wá jábọ́ sí 60. Ẹni tó bá ti dúró ní ìpele kejì nítorí pé kò rí èrè kì bá tí dé ibẹ̀. (Bóyá ó ń yà ọ́ lẹ́nu pé àwọn tó san owó púpọ̀ ló kú jù. Owó inú kọ́lọ́ọ̀mù yẹn jẹ́ ti tíkẹ́ẹ̀tì kan lódindi, ìdílé púpọ̀ sì ń wọlé pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì kan. Owó gíga ní kíláàsì kẹta sábà máa ń túmọ̀ sí ọmọ púpọ̀, kì í ṣe ọrọ̀.)

Ó wá kan àwọn ọkùnrin, níbi tí ọ̀rọ̀ ti pín sí méjì. Agbo 577, 109 yè, Gínì 0.306, ẹ́ńtírọ́pì 0.699. Ìbéèrè méjì ló ń du ipò.

Ti ọjọ́ orí: ọmọkùnrin tí kò ju ọdún 6 lọ jẹ́ 24, 16 yè, 8 kú. Àwọn tó kù jẹ́ 553, 93 yè, 460 kú. Ti kíláàsì: ọkùnrin kíláàsì kìíní jẹ́ 122, 45 yè, 77 kú. Àwọn tó kù jẹ́ 455, 64 yè, 391 kú. Tí Gínì bá wọ̀n ọ́n, èrè ọjọ́ orí jẹ́ 0.0198, ti kíláàsì jẹ́ 0.0174: ọjọ́ orí borí. Tí ẹ́ńtírọ́pì bá wọ̀n ọ́n, èrè ọjọ́ orí jẹ́ 0.0347, ti kíláàsì jẹ́ 0.0363: kíláàsì borí. Ìyàtọ̀ náà kéré nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n igi kì í wo bí ìyàtọ̀ ṣe tóbi tó. Ẹni tó fi irun kan ṣíwájú ló gba ipò.

Fún Gínì, ọ̀nà kúkúrú kan wà tó ń jẹ́ kí ìdí rẹ̀ hàn. Nígbà tí ìdáhùn bá jẹ́ méjì, tí agbo sì pín sí méjì, èrè Gínì dọ́gba pẹ̀lú èyí:

```
2 * wL * wR * (pL - pR)^2
```

`wL` àti `wR` ni ìdá èèyàn tó lọ sí apá kọ̀ọ̀kan, `pL` àti `pR` sì ni ìdá àwọn tó yè ní apá kọ̀ọ̀kan. Fún ọjọ́ orí: 2 × 0.0416 × 0.9584 × (0.667 − 0.168)². Fún kíláàsì: 2 × 0.211 × 0.789 × (0.369 − 0.141)². Wo apá àkọ́kọ́ ìṣirò méjèèjì. Ti kíláàsì fi ju ìlọ́po mẹ́rin lọ tóbi, nítorí pé 122 pọ̀ ju 24 lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n alafo tó wà láàárín agbo méjèèjì jẹ́ 0.499 ní ti ọjọ́ orí, 0.228 péré ní ti kíláàsì, tí a bá sì sọ alafo di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ti ọjọ́ orí fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po márùn-ún. Márùn-ún bo mẹ́rin mọ́lẹ̀. Ohun tí Gínì ń wò ni bí agbo méjì ṣe jìnnà síra wọn tó, kò sì bìkítà ibi tí wọ́n dúró sí lórí ìwọ̀n.

Ẹ́ńtírọ́pì bìkítà. Lọ́gì ló fà á: bí p ṣe ń súnmọ́ 0, bẹ́ẹ̀ ni ìlà ẹ́ńtírọ́pì ń dàgẹ̀rẹ̀ gidigidi, nígbà tí ti Gínì ń rọra sọ̀ kalẹ̀. Nítorí náà ẹ́ńtírọ́pì ń san owó tó pọ̀ fún agbo ńlá tí o bá sún mọ́ 0 díẹ̀ sí i, ju èyí tó ń san fún agbo kékeré tí o fà wá sí àárín. Ìbéèrè kíláàsì mú ọkùnrin 455 láti 0.189 wá sí 0.141. Ìbéèrè ọjọ́ orí mú 553 wá sí 0.168 péré, ó wá gbé 24 lọ sí 0.667, ibi tí àdàlù ti pọ̀. Gínì rí ọmọ kéékèèké mẹ́rìnlélógún tí wọn kò jọ àwọn tó kù rárá. Ẹ́ńtírọ́pì rí ọkùnrin 455 tí ikú wọn túbọ̀ dájú.

Èwo ló ṣe é dáa jù? Ní ìpele méjì, igi Gínì sọ pé àwọn 24 yè, ó ṣe àṣìṣe 8 níbẹ̀ àti 93 lọ́dọ̀ àwọn 553. Igi ẹ́ńtírọ́pì ní agbo méjì tí àwọn tó kú pọ̀ jù nínú méjèèjì, nítorí náà ó ń sọ pé gbogbo ọkùnrin kú, àṣìṣe 109. Tí a bá fi 81 ti àwọn obìnrin kún un, 182 ni ti Gínì, 190 ni ti ẹ́ńtírọ́pì. (Ewé ni agbo tí igi kò tún pín mọ́. Ní ewé ìdajì-ìdajì yẹn, `scikit-learn`, àkójọ kóòdù tó kọ́ igi wọ̀nyí, máa ń mú ìdáhùn tó kọ́kọ́ wà nínú ètò, ìyẹn 0, kú. Kò sí ìmọ̀ kankan nínú ìdáhùn yẹn.) Àṣìṣe mẹ́jọ lórí dátà tí igi ti rí tẹ́lẹ̀ kò tó fi ṣe ìdájọ́. Jẹ́ kí igi lọ sí ìpele kẹta, ẹ́ńtírọ́pì ṣì lè padà bèèrè ọjọ́ orí lábẹ́ kíláàsì. Ibi tí yíyapa yìí ti ń dunni ni igi kúkúrú, tàbí igi tí ẹnì kan fẹ́ kà sókè fún àwọn ọ̀gá bíi pé ìbéèrè kejì ni òtítọ́ kejì nípa ọkọ̀ náà.

Ó tún ń dunni ní ibi kan tí ọ̀pọ̀ kì í fura sí. Àwọn kan máa ń fi `min_impurity_decrease` dá igi dúró: ìbéèrè tí èrè rẹ̀ kò bá tó iye báyìí, má bèèrè rẹ̀. Wọ́n á wá yí `criterion` láti `gini` sí `entropy`, wọ́n á fi nọ́ńbà yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà. Jẹ́ ká sọ pé 0.02 ni. `scikit-learn` kì í wo èrè oríta nìkan. Ó máa ń sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ìdá gbogbo èèyàn tó dé oríta náà. Fún àwọn obìnrin lábẹ́ Gínì: 0.099 × 314/891 jẹ́ 0.035, ó kọjá. Fún àwọn ọkùnrin lábẹ́ Gínì: 0.0198 × 577/891 jẹ́ 0.0128, kò kọjá, àwọn ọkùnrin á di ewé kan ṣoṣo. Lábẹ́ ẹ́ńtírọ́pì: 0.0363 × 577/891 jẹ́ 0.0235, ó kọjá. Igi méjì tí ìrísí wọn yàtọ̀ pátápátá jáde, ẹni tó kọ́ ọ á sì máa rò pé ẹ́ńtírọ́pì "rí" nǹkan tí Gínì kò rí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ́ńtírọ́pì ń ka nọ́ńbà lórí ìwọ̀n tó ga tó 1, Gínì lórí èyí tó ga tó 0.5, ààlà 0.02 sì jẹ́ ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí méjèèjì. Tí o bá yí òṣùwọ̀n, wá ààlà rẹ tuntun. Tàbí kí o fi iye èèyàn inú ewé dá igi dúró, `min_samples_leaf`, tí kì í bá òṣùwọ̀n yí. Tí o bá fi 30 síbẹ̀, agbo ọmọkùnrin 24 yẹn kò ní lè wáyé, lábẹ́ òṣùwọ̀n èyíkéyìí.

Ewu kan wà tí òṣùwọ̀n méjèèjì jọ ń kó sí, igi Quinlan àtijọ́ ló sì fi hàn jù. ID3 kì í pín agbo sí méjì nìkan. Tí kọ́lọ́ọ̀mù bá ní ọ̀rọ̀ mẹ́wàá, á là á sí ẹ̀ka mẹ́wàá. Fún un ní `PassengerId`, nọ́ńbà tí kò dúró fún nǹkan kan ju ipò èèyàn nínú fáìlì lọ. Á là á sí ẹ̀ka 891, ẹnì kan nínú ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, gbogbo ẹ̀ka á mọ́ bí omi òjò, àdàlù á di 0. Èrè rẹ̀ á jẹ́ 0.961 lódindi, ìlọ́po mẹ́rin àti díẹ̀ ti ìbéèrè ọkùnrin-àti-obìnrin. Igi yẹn kò ní lè sọ ohunkóhun nípa ẹni 892.

C4.5 ṣàtúnṣe sí i nípa fífi ẹ́ńtírọ́pì ìpín náà gan-an pín èrè. Ẹ̀ka 891 tó dọ́gba ní ẹ́ńtírọ́pì log2(891), tó jẹ́ 9.80. Fi pín 0.961, ó ku 0.098. Ìpín ọkùnrin àti obìnrin ní 0.936, èrè 0.218 tí a bá fi pín jẹ́ 0.232. Obìnrin-àti-ọkùnrin padà sí ipò rẹ̀. Igi `scikit-learn` ń pín sí méjì nìkan, nítorí náà kì í ṣubú sínú kòtò yìí ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n kọ́lọ́ọ̀mù tó ní ọ̀pọ̀ nọ́ńbà ṣì ní ààlà púpọ̀ láti dán wò, ọ̀kan nínú wọn sì lè fi orí-ire lásán ní èrè díẹ̀. Tí o bá rí `PassengerId` tàbí nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì nínú ìpele ìsàlẹ̀ igi rẹ, àmì rẹ̀ nìyẹn.

Ohun kan kù lórí oríta àwọn ọkùnrin, ó sì kan ìlà `fillna(28)` inú kóòdù yẹn. Nínú fáìlì, ọjọ́ orí èèyàn 177 kò sí níbẹ̀, 124 nínú wọn jẹ́ ọkùnrin. Wọ́n fi 28, tó jẹ́ ọjọ́ orí àárín, dí ààyè wọn. Gbogbo àwọn 124 yẹn ló lọ sí apá àwọn àgbà nígbà tí igi bèèrè nípa ọdún 6.5. Nítorí náà 553 tí a ń kà bí "àwọn tó ju ọdún 6 lọ" kò rí bẹ́ẹ̀ tán. A mọ ọjọ́ orí 429 nínú wọn, a kàn gbé 124 síbẹ̀. Ìbéèrè kíláàsì kò ní ìṣòro yìí, nítorí pé kíláàsì gbogbo èèyàn wà nínú fáìlì. Pẹ̀lú bí èrè méjèèjì ṣe súnmọ́ra tó, ọmọ mélòó kan láàárín àwọn 124 tí a kò mọ̀ tó láti yí ìdáhùn padà lọ́dọ̀ Gínì. Kí o tó jà lórí òṣùwọ̀n, tún igi náà kọ́ láìsí àwọn 177 yẹn, kí o wo bóyá 6.5 ṣì dúró.